Orí Kẹfà: Bí A Ṣe Ń To Ẹ̀rí Nígbà Tí Oníbàárà Bá Ní Kí Báǹkì Gba Owó Káàdì Òun Padà

Orí yìí wà fún ẹni tó ń tajà fún àwọn oníbàárà ọ̀nà jíjìn tó ń fi káàdì sanwó, tí ilé-iṣẹ́ tó ń bá a gba owó káàdì wá kọ̀wé sí i pé oníbàárà kan ti lọ fẹjọ́ sun báǹkì rẹ̀. Nígbà tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá fi máa dé, wọ́n sábà máa ń ti yọ owó náà kúrò nínú owó yín tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á sì tún bu owó ìtanràn lé e. Wọ́n á dá ọjọ́ fún yín láti fèsì. Bí ọjọ́ náà bá kọjá láìsí èsì, owó ti lọ nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó pàdánù irú ẹjọ́ yìí ló ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ohun tó gbé wọn ṣubú ni pé wọ́n kó ẹ̀rí náà jọ bí wọ́n ṣe ń rí i: àwòrán ojú fóònù ogún, rìsíìtì mẹ́ta, lẹ́tà gígùn tó kún fún ìbínú. Ohun tí orí yìí fẹ́ kọ́ yín kò ju ọ̀kan lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn yín pinnu bí ẹ̀rí yín yóò ṣe tò tẹ̀lé ara, kí ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan sì fọwọ́ kan èyí tó wà níwájú rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan la ó mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ká sọ pé aláṣọ-òkè kan wà ní Ìṣẹ́yìn tó ń tajà lórí ẹ̀rọ ayélujára. Oníbàárà kan ní ìlú Hiúsítìn, ní Amẹ́ríkà, fi káàdì Visa ra gèlè, ìró, bùbá àti ìpèlé fún ìgbéyàwó, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 420 dọ́là. Ẹrù dé ọ̀hún. Ní nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, oníbàárà sọ fún báǹkì rẹ̀ pé òun ò rí ọjà kankan gbà.

Ta ni yóò ka èsì yín?

Èsì yín kì í dúró lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń bá yín gba owó. Wọn yóò gbé e gba ojú ọ̀nà Visa tàbí Mastercard lọ sí báǹkì tó fún oníbàárà ní káàdì. Òṣìṣẹ́ báǹkì kan níbẹ̀ ni yóò kà á. Kò mọ̀ yín rí, kò mọ ibi tí Ìṣẹ́yìn wà, kò mọ̀ pé ẹtù yàtọ̀ sí sányán, ẹjọ́ mìíràn sì wà nílẹ̀ tó ń dúró dè é. Ohun tó ti gbọ́ títí di àkókò yẹn kò ju ti ẹnu oníbàárà lọ. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà: èsì yín ni ẹjọ́ apá kejì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ sì sábà máa ń láǹfààní láti rò ó.

Ẹ máa rántí òṣìṣẹ́ yìí bí ẹ ṣe ń to ìwé yín. Kò ní tẹ ìlínkì tí ẹ bá fi sínú lẹ́tà, nítorí náà ìlínkì ojú-ewé akẹ́rù kì í ṣe ẹ̀rí fún un. Àwòrán ojú-ewé náà ni ẹ̀rí. Kò ní gbọ́ ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, kò sì ní wo fídíò. Ó ṣeé ṣe kí ìwé yín dé ọwọ́ rẹ̀ ní dúdú àti funfun. Kò gbọ́ Yorùbá. Ohun gbogbo tí ẹ bá fẹ́ kó mọ̀ gbọ́dọ̀ wà lójú ìwé, ní èdè tí báǹkì náà ń lò, kí ó sì lè kà á láìtún bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ẹ kọ́kọ́ ka nọ́ńbà ẹ̀sùn

Nínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́, ẹ ó rí nọ́ńbà kan tó ń sọ irú ẹ̀sùn tó jẹ́. Lọ́dọ̀ Visa, 13.1 ni ti ọjà tí kò dé. 13.3 ni ti ọjà tó dé ṣùgbọ́n tí kò rí bí a ṣe júwe rẹ̀, tàbí tó ti bàjẹ́. 13.6 ni ti owó tí a ṣèlérí láti dá padà tí a kò dá padà. 10.4 ni ti ẹni tó sọ pé òun kọ́ ló ra ọjà náà rárá, pé ẹlòmíràn ló lo káàdì òun. Mastercard kó púpọ̀ nínú ẹ̀sùn oníbàárà sábẹ́ nọ́ńbà kan, 4853, ó sì fi 4837 sọ ti ẹni tí kò fọwọ́ sí ìsanwó. Bí ilé-iṣẹ́ yín kò bá fi nọ́ńbà hàn, wọn yóò fi ọ̀rọ̀ sọ ọ́.

Ti aláṣọ-òkè wa jẹ́ 13.1. Ìbéèrè mẹ́ta ni nọ́ńbà yìí ń béèrè. Ǹjẹ́ oníbàárà, tàbí ẹni tó rán, rí ọjà gbà? Ṣé ibi tí wọ́n jọ fẹnu kò sí ni ó dé? Ṣé kò kọjá ọjọ́ tí wọ́n jọ fẹnu kò sí? Kò sí èyí tó béèrè bóyá aṣọ náà dára. Kò béèrè iye òru tí ahunṣọ fi jókòó nídìí òfì. Kò béèrè òfin ìtajà yín pé ẹ kì í gba ọjà padà. Ẹ̀rí tó bá dáhùn ọ̀kan nínú ìbéèrè mẹ́ta yìí wọlé. Èyí tí kò bá dáhùn ìkankan, bó ti wù kó dùn yín tó, ẹ yọ ọ́ sẹ́yìn.

Ẹ tún wò bóyá ọ̀rọ̀ ẹnu oníbàárà fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé nọ́ńbà sọ ọ̀kan, ọ̀rọ̀ sọ òmíràn. Nọ́ńbà lè jẹ́ ti ọjà tí kò dé, kí oníbàárà sì kọ ọ́ pé àwọ̀ gèlè kì í ṣe èyí tí òun fẹ́. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ fi hàn pé ọjà dé. Ẹ dáhùn nọ́ńbà lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ wá fi ìpínrọ̀ kan dáhùn ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ to ọjọ́ kí ẹ tó to ìwé

Ẹ mú bébà kan. Ẹ kọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, ìlà kan fún ìṣẹ̀lẹ̀ kan, láti ọjọ́ tí wọ́n ra ọjà dé ọjọ́ ẹ̀sùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìwé tó lè jẹ́rìí sí i. Ti aláṣọ-òkè wa rí báyìí:

- 6 oṣù Karùn-ún 2024: oníbàárà ra ọjà, ó sanwó. Ìwé: ojú-ewé ọjà nọ́ńbà 1187 àti rìsíìtì owó káàdì.
- 13 oṣù Karùn-ún: ẹrù kúrò lọ́wọ́ wa. Ìwé: wébíìlì akẹ́rù.
- 20 oṣù Karùn-ún, aago 2:14 ọ̀sán ní Hiúsítìn: ẹrù dé. Ìwé: ìwé ìfijíṣẹ́ akẹ́rù, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó gbà á.
- 20 oṣù Karùn-ún, aago 11:05 alẹ́ ní Hiúsítìn: oníbàárà kọ̀wé lórí Wásáàpù. Ìwé: àwòrán ọ̀rọ̀ náà.
- 31 oṣù Karùn-ún: ọjọ́ tí a ṣèlérí pé ọjà kò ní kọjá. Ìwé: ojú-ewé ọjà nọ́ńbà 1187.
- 18 oṣù Keje: ẹ̀sùn dé. Gbèdéke èsì: 28 oṣù Keje.

Ibi yìí ni àṣìṣe méjì tó ń ba ẹ̀rí rere jẹ́ ti máa ń yọ jáde. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ aago. Aago wa kì í yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, ṣùgbọ́n ti Hiúsítìn ń yí. Nínú oṣù Karùn-ún, wákàtí mẹ́fà ni Nàìjíríà fi ṣáájú wọn. Nígbà òtútù ó di méje. Ọ̀rọ̀ tí oníbàárà kọ ní aago 11:05 alẹ́ ọjọ́ 20 yóò hàn lórí fóònù aláṣọ-òkè ní aago 5:05 àárọ̀ ọjọ́ 21. Bí ẹ bá fi àwòrán náà ránṣẹ́ láìsọ nǹkan kan, tí lẹ́tà yín sì sọ pé ọjọ́ 20 ni, òṣìṣẹ́ báǹkì yóò rò pé ọ̀rọ̀ yín kò bára mu. Ẹ fi aago ìlú oníbàárà ṣe òṣùwọ̀n nínú gbogbo lẹ́tà, kí ẹ sì kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán pé aago Nàìjíríà ló hàn lórí fóònù.

Ìkejì ni bí a ṣe ń kọ ọjọ́. Ẹni tó wà ní Nàìjíríà ń kọ 06/05/2024 fún ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún. Ará Amẹ́ríkà yóò kà á sí ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà. Bó bá kà á bẹ́ẹ̀, yóò dà bíi pé ẹrù ti dé kí oníbàárà tó rà á. Ẹ máa fi lẹ́tà kọ orúkọ oṣù níbi gbogbo, títí kan orúkọ fáìlì. Bí ìwé akẹ́rù bá fi nọ́ńbà nìkan kọ ọjọ́, ẹ tún ọjọ́ náà kọ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ oṣù.

Ẹ so ẹ̀rí kan mọ́ èkejì

Ìwé kan ṣoṣo kì í borí ẹ̀sùn. Rìsíìtì owó fi hàn pé wọ́n sanwó, kò fi hàn pé ẹrù dé. Ìwé ìfijíṣẹ́ fi hàn pé ẹrù kan dé ilé kan, kò fi hàn pé ẹrù náà ni wọ́n sanwó fún. Ohun tó ń sọ wọ́n di ẹjọ́ kan ni ohun kékeré tó wà lórí ìwé méjì lẹ́ẹ̀kan náà: nọ́ńbà kan, àdírẹ́sì kan, nọ́ńbà fóònù kan. Iṣẹ́ yín ni láti wá ohun kékeré náà láàárín ìwé kọ̀ọ̀kan àti èyí tó tẹ̀lé e, kí ẹ sì fi han òṣìṣẹ́ báǹkì.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é fún ọjà 1187. Ẹ̀rí 1 ni ojú-ewé ọjà: orúkọ oníbàárà, àdírẹ́sì ìfijíṣẹ́, nọ́ńbà fóònù, àkójọ aṣọ, iye owó àti ọjọ́ ìlérí. Ẹ̀rí 2 ni rìsíìtì owó káàdì. Ohun tó so ó mọ́ Ẹ̀rí 1 ni nọ́ńbà 1187 àti 420 dọ́là tó wà lórí méjèèjì. Ẹ̀rí 3 ni wébíìlì. Bí aláṣọ-òkè bá ti kọ 1187 sí àyè tí akẹ́rù fi sílẹ̀ fún nọ́ńbà oníṣòwò, ìsopọ̀ ti wà. Bí kò bá kọ ọ́, àdírẹ́sì tó bá ti Ẹ̀rí 1 mu ni yóò dúró fún un, pẹ̀lú orúkọ oníbàárà. Ẹ̀rí 4 ni ìwé ìfijíṣẹ́. Nọ́ńbà ìtọpinpin ẹrù ló so ó mọ́ wébíìlì. Ẹ̀rí 5 ni ọ̀rọ̀ Wásáàpù. Nọ́ńbà fóònù tó wà lókè àwòrán náà ló so ó padà mọ́ Ẹ̀rí 1.

Ibi nọ́ńbà fóònù yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Bí ẹ bá ti fi orúkọ pa oníbàárà mọ́ sínú fóònù yín, orúkọ tí ẹ̀yin fúnra yín kọ ni yóò hàn lókè ọ̀rọ̀, orúkọ bẹ́ẹ̀ kò sì jẹ́rìí sí nǹkan kan, nítorí ẹnikẹ́ni lè kọ orúkọ tó wù ú. Ẹ tẹ orúkọ náà kí nọ́ńbà fóònù lè hàn, ẹ ya àwòrán ojú-ewé yẹn, kí ẹ sì gbé e sí ojú-ewé kan náà pẹ̀lú àwòrán ọ̀rọ̀.

Ní ti ọjà 1187, ìṣòro kan tún wà: orúkọ tó wà lórí ìwé ìfijíṣẹ́ kì í ṣe ti oníbàárà. Ọkùnrin kan ló fọwọ́ sí i. Aláṣọ-òkè tí kò bá ronú yóò fẹ́ fi ojú-ewé yẹn pa mọ́, tàbí kó gé orúkọ náà kúrò. Kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Báǹkì yóò rí i pé a gé nǹkan kúrò, wọn kò sì ní gba èyí tó kù gbọ́. Ọ̀rọ̀ Wásáàpù ló ní ìdáhùn lọ́wọ́: «Ẹ kú iṣẹ́ mà. Àbúrò mi bá mi gba ẹrù náà lọ́sàn-án òní. Gèlè yẹn dára gan-an ni.» Nítorí náà, ẹ̀rí ìfijíṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà níwájú ọ̀rọ̀ Wásáàpù tààrà, kí ìbéèrè tí orúkọ àjèjì náà gbé dìde rí ìdáhùn ní ojú-ewé tó tẹ̀lé e. Òfin Visa gba ẹni tí oníbàárà rán láti bá a gba ẹrù. Ọ̀rọ̀ yìí ló fi hàn pé àbúrò náà jẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Yorùbá ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹ túmọ̀ rẹ̀ sábẹ́ àwòrán, gbólóhùn sí gbólóhùn, láìfi kún un, láìyọ kúrò. Bí oníbàárà bá fi ohùn sọ ọ́ dípò kó kọ ọ́, ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, kí ẹ túmọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì ya àwòrán ibi tí ohùn náà wà kí ọjọ́ àti aago rẹ̀ lè hàn. Bí ọ̀rọ̀ kíkọ bá wà tó sọ ohun kan náà, ẹ mú èyí tí wọ́n kọ.

Lẹ́tà ojú-ewé kan

Lẹ́tà ni yóò ṣáájú gbogbo ẹ̀rí, kò sì gbọdọ̀ ju ojú-ewé kan lọ. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni ìdáhùn sí ẹ̀sùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọjọ́ wọn bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara, ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀rí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni àlàyé ohun kan tó lè rú ọ̀rọ̀ lójú. Ìbéèrè yín ni yóò kẹ́yìn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni aláṣọ-òkè wa yóò fi kọ tirẹ̀ nítorí pé báǹkì Amẹ́ríkà ni, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí:

> Èsì sí ẹ̀sùn 13.1, ọjà nọ́ńbà 1187, 420 dọ́là.
>
> Ọjà 1187 dé àdírẹ́sì tí oníbàárà fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀ ní 20 oṣù Karùn-ún 2024, ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú ọjọ́ tí a ṣèlérí. Oníbàárà kọ̀wé sí wa lálẹ́ ọjọ́ náà pé ẹrù ti dé. Aago Hiúsítìn la lò nínú lẹ́tà yìí.
>
> 6 oṣù Karùn-ún: oníbàárà ra ọjà, ó sì sanwó (Ẹ̀rí 1 àti 2).
> 13 oṣù Karùn-ún: a fi ẹrù lé akẹ́rù lọ́wọ́ (Ẹ̀rí 3).
> 20 oṣù Karùn-ún, 2:14 ọ̀sán: akẹ́rù fi ẹrù jíṣẹ́ (Ẹ̀rí 4).
> 20 oṣù Karùn-ún, 11:05 alẹ́: oníbàárà kọ̀wé pé àbúrò òun ti gba ẹrù (Ẹ̀rí 5).
>
> Orúkọ tó wà lórí Ẹ̀rí 4 kì í ṣe ti oníbàárà. Ẹ̀rí 5 fi hàn pé àbúrò rẹ̀ ló bá a gbà á, ó sì mọ̀ sí i. Nọ́ńbà fóònù tó wà lórí Ẹ̀rí 5 ni èyí tó kọ sílẹ̀ nígbà tó ń ra ọjà (Ẹ̀rí 1).
>
> A bẹ̀ yín kí ẹ fagi lé ẹ̀sùn yìí, kí ẹ sì dá 420 dọ́là padà fún wa.

Ẹ wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti pe oníbàárà ní olè tàbí onírọ́. Ẹjọ́ là ń rò, a ò wá jà. Ó lè jẹ́ pé oníbàárà gbàgbé, ó sì lè jẹ́ pé orúkọ ìṣòwò yín tó hàn nínú ìwé báǹkì rẹ̀ yàtọ̀ sí orúkọ tó mọ̀ yín sí. Lẹ́tà tó bú ènìyàn fi kún iṣẹ́ òṣìṣẹ́ báǹkì, kò sì fi ẹ̀rí kan kún èyí tó wà nílẹ̀.

Bí ojú-ewé ẹ̀rí ṣe yẹ kó rí

Ojú-ewé kan fún ẹ̀rí kan. Lókè rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀rí ní lẹ́tà ńlá. Ní ìsàlẹ̀, ẹ kọ gbólóhùn kan tó sọ ohun tí ó fi hàn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: «Akẹ́rù fi ẹrù jíṣẹ́ ní àdírẹ́sì Ẹ̀rí 1, ní 20 oṣù Karùn-ún 2024.» Ẹ fi àpótí onílà dúdú yí ohun tó so ìwé náà mọ́ òmíràn ká. Ẹ má fi àwọ̀ pupa tàbí yẹ́lò kùn ún, nítorí bí ìwé bá di dúdú àti funfun, àwọ̀ náà lè parẹ́ tàbí kó bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Bí fóònù yín bá wà ní ojú dúdú, ẹ yí i sí funfun kí ẹ tó ya àwòrán.

Àwòrán ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kókó nìkan ni kí ẹ fi síbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀ kí ìtumọ̀ rẹ̀ má baà sọnù. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ka gbogbo bí ẹ ṣe dúnàádúrà. Ẹ fi dúdú bo orúkọ àwọn oníbàárà mìíràn tó bá hàn. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn káàdì ló yẹ kó wà níbẹ̀, ẹ má ṣe fi odindi nọ́ńbà káàdì sínú ìwé kankan.

Bí ilé-iṣẹ́ yín bá gba fáìlì kan, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú PDF kan, kí lẹ́tà ṣáájú. Bó bá jẹ́ pé àyè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà, ẹ fún fáìlì ní orúkọ tí yóò mú kí wọ́n tò bí lẹ́tà ṣe tò wọ́n:

```
00_letter.pdf
01_order_1187.pdf
02_payment_1187.pdf
03_waybill_13May2024.pdf
04_delivery_20May2024.pdf
05_whatsapp_20May2024.pdf
```

Ẹ ka ìlànà wọn lórí ìwọ̀n fáìlì. Lọ́dọ̀ Stripe, fún àpẹẹrẹ, gbogbo fáìlì pọ̀ kò gbọdọ̀ ju 4.5 MB lọ, ẹ̀rí fún ẹjọ́ Mastercard kò sì gbọdọ̀ ju ojú-ewé 19 lọ. Lẹ́tà kan àti ẹ̀rí márùn-ún kò lè sún mọ́ ààlà ojú-ewé yẹn.

Bí ìsopọ̀ kan bá já

Ó wọ́pọ̀ kí ojú-ewé akẹ́rù kọ ọ́ pé ẹrù ti dé, kó sì dárúkọ ìlú nìkan láìdárúkọ òpópónà. Ìyẹn kò tó, nítorí ilé tó wà ní Hiúsítìn kò lóǹkà. Ẹ kọ̀wé sí akẹ́rù pé kí wọ́n fún yín ní ìwé ìfijíṣẹ́ tó ní àdírẹ́sì kíkún àti orúkọ ẹni tó gba ẹrù. Àwọn akẹ́rù kì í tọ́jú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí láé, Visa sì fún oníbàárà ní nǹkan bí 120 ọjọ́ láti fẹjọ́ sùn nínú irú ọ̀ràn yìí. Ọjọ́ tí ẹrù bá dé gan-an ni kí ẹ béèrè fún ìwé náà.

Èyí tó le jù ni ti ẹrù tí a fi rán ẹni tó ń lọ sí òkè òkun. Kò sí wébíìlì, kò sí nọ́ńbà ìtọpinpin, Ẹ̀rí 3 àti 4 kò sí rárá nìyẹn. Gbogbo ẹjọ́ wá rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tí oníbàárà fúnra rẹ̀ bá kọ: èyí tó ti gbà pé kí ẹ fi rán ẹni náà, àti èyí tó ti jẹ́wọ́ pé ẹrù ti tẹ òun lọ́wọ́. Bí èkejì yìí kò bá sí, ẹjọ́ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àwòrán ẹrù nínú báàgì kò sì lè gbà á là.

Bí nọ́ńbà ẹ̀sùn bá jẹ́ òmíràn

Ẹ̀rí kan náà lè wà lọ́wọ́ yín, kí ìtò rẹ̀ sì yí padà. Nínú 13.3, kò sẹ́ni tó ń jiyàn pé ẹrù dé, nítorí náà ìwé akẹ́rù kò gbọdọ̀ ṣáájú. Àpèjúwe ọjà bí oníbàárà ṣe rí i lọ́jọ́ tó rà á ni yóò jẹ́ Ẹ̀rí 1, àwòrán aṣọ kí ẹ tó dì í yóò jẹ́ Ẹ̀rí 2, kí òṣìṣẹ́ báǹkì lè fi ojú ara rẹ̀ wé méjèèjì. Nínú 13.6, ìwé tó fi hàn pé ẹ ti dá owó padà ló ṣáájú, pẹ̀lú nọ́ńbà onídíjíìtì 23 tí báǹkì fi ń tọpa owó káàdì, èyí tí ilé-iṣẹ́ tó ń bá yín gba owó lè fún yín.

10.4 yàtọ̀ pátápátá, nítorí ènìyàn ni wọ́n ń béèrè, kì í ṣe ẹrù. Ẹ̀rí pé ẹrù dé ilé kan kò sọ ẹni tó lo káàdì. Bí oníbàárà bá jẹ́rìí ara rẹ̀ fún báǹkì rẹ̀ nígbà tó ń sanwó, bóyá pẹ̀lú nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀, àkọsílẹ̀ ìyẹn ni Ẹ̀rí 1, ó sì sábà máa ń gbé ẹrù ẹ̀sùn náà kúrò lọ́rùn yín. Láti oṣù Kẹrin 2023, Visa tún ń gba ìsanwó àtijọ́ méjì tí oníbàárà fi káàdì kan náà ṣe lọ́dọ̀ yín láìjiyàn, bí wọ́n bá ti lé ní 120 ọjọ́ tí wọn kò sì ju 365 lọ kí ẹ̀sùn tó dé, tí ohun méjì ó kéré tán sì bára mu láàárín wọn àti èyí tí wọ́n ń jiyàn lé lórí. Ọ̀kan nínú méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ àdírẹ́sì ẹ̀rọ lórí ayélujára tàbí àmì ẹ̀rọ tó lò. Ẹni tó jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ tó rajà lọ́dọ̀ yín nìyẹn kò lè ní ẹ̀rí yìí.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, àti lẹ́yìn náà

Ẹ fún ẹni tí kò mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà ní lẹ́tà kà, kí ẹ sì bi í léèrè ohun mẹ́ta tí 13.1 ń béèrè. Bó bá ní láti wá ìdáhùn kiri, lẹ́tà kò tíì tò. Ẹ wá mú ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ìka tọ́ka sí ohun tó so ó mọ́ òmíràn. Ẹ̀rí tí ìka yín kò bá rí nǹkan tọ́ka sí lórí rẹ̀, ẹ yọ ọ́.

Ẹ má dúró de ọjọ́ gbèdéke. Aago ilé-iṣẹ́ náà lè yàtọ̀ sí tiyín, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í gba àfikún lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnì ìfiránṣẹ́. Ẹ má ṣe dá owó padà fún oníbàárà ní ọwọ́ ọ̀tọ̀ nígbà tí ẹ̀sùn wà nílẹ̀, bó ti wù kó bẹ̀ yín tó, nítorí wọ́n ti yọ owó náà lọ́wọ́ yín, ẹ ó sì san án lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá ti yí ọkàn padà, òun ni yóò sọ fún báǹkì rẹ̀ pé òun ti fa ọwọ́ ẹ̀sùn sẹ́yìn. Ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín, kí ẹ sì fi kún ẹ̀rí bí ẹ kò bá tíì fi èsì ránṣẹ́.

Ìdájọ́ lè gba oṣù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Báǹkì oníbàárà ló ń dájọ́, ó sì lè gbè sẹ́yìn oníbàárà pẹ̀lú gbogbo ìwé tó tò dáadáa. Bí ẹ bá rí i láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìwé yín kò lè dáhùn ìbéèrè tí nọ́ńbà ẹ̀sùn ń béèrè, ẹ gba ẹ̀sùn náà, kí ẹ lo àkókò yín fún ọjà tó kàn. Lórí ọjà náà, ẹ kọ nọ́ńbà ọjà sára wébíìlì, ẹ béèrè ìwé ìfijíṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹrù bá dé, kí ẹ sì ní kí oníbàárà fi ọ̀rọ̀ kíkọ sọ fún yín pé ó ti tẹ òun lọ́wọ́.